Ẹyọ owó àti òrùka orí òwú: bí a ṣe ń fi wọ́n yan ohun kékeré nínú ọ̀rọ̀ ìfẹ́, àti ibi tí agbára wọn mọ

Àbúrò mi obìnrin wá bá mi ní alẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú òrùka tó so mọ́ òwú. Láti àárọ̀ ló ti ń fi í wádìí ọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan tí wọ́n ti jọ pàdé lẹ́ẹ̀mejì ló kọ̀wé sí i lórí fóònù pé kí wọ́n tún ríra lọ́sẹ̀ náà. Ó ní ó lè jẹ́ alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n lọ wo fíìmù. Ó sì lè jẹ́ ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n jọ rìn lọ sí etí odò. Èyí tó bá wù ú ni kó mú. Ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan ni, àmọ́ ọjọ́ kejì ti pé, kò tíì fèsì.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "mo bi òrùka yìí bóyá ó fẹ́ràn mi, ó ní rárá. Mo bi í lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní rárá."

Ohun tí a jọ ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí, ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀. Ó ti bi òrùka ní ohun tí òrùka kò lè mọ̀, ó sì fi èyí tó wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ tún ìbéèrè yín ṣe

Kí ẹ tó wá owó kankan jáde, ẹ kọ ohun méjì tí ẹ fẹ́ yàn nínú wọn sórí ìwé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun mẹ́ta. Èkíní, ṣé ẹ lè fara mọ́ méjèèjì? Bí ọ̀kan bá wà níbẹ̀ tí ẹ kò ní ṣe láéláé, kò sí ohun tí owó máa yàn. Èkejì, ṣé ọwọ́ yín nìkan ni méjèèjì wà? "Kí n fèsì ní alẹ́ yìí tàbí ní àárọ̀ ọ̀la" wà lọ́wọ́ yín. "Kó fèsì tàbí kó má fèsì" kò sí lọ́wọ́ yín. Ẹ̀kẹta, bí ó bá wá já sí àṣìṣe, ṣé ẹ lè tún un ṣe kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé? Fíìmù tí kò dùn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Èèyàn á padà sílé, á sì dá ọjọ́ mìíràn.

Àwọn ìbéèrè tó máa ń kọjá nínú àyẹ̀wò yìí kéré níye: ibi tí a ó ti pàdé, ọjọ́ tí a ó pàdé, kí n pè é tàbí kí n kọ̀wé sí i, èwo nínú ẹ̀bùn méjì ni kí n rà, ta ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn àríyànjiyàn kékeré. Ti àbúrò mi kọjá. Ìwé rẹ̀ kà báyìí: "Ọjọ́ Ẹtì, fíìmù. Ọjọ́ Àìkú, etí odò."

Ìbéèrè tó fi bọ òrùka lẹ́nu láti àárọ̀ kò kọjá rárá. Mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀ ná, a ó padà dé ibẹ̀.

Bí a ṣe ń ju owó

Ẹyọ owó onírin èyíkéyìí tí kò bá tẹ̀ ló dára. Ẹ sọ ojú tó jẹ́ ti èwo, kí ẹ sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà méjèèjì kí owó tó kúrò nílẹ̀. Tiwa ni pé orí jẹ́ fíìmù, ẹ̀yìn jẹ́ etí odò. Má ṣe rò pé kíkọ yìí kò ṣe pàtàkì. Ẹni tí kò kọ ọ́ sílẹ̀ máa ń gbàgbé lójijì, ìgbàgbé náà sì sábà máa ń lọ síbi tí ọkàn rẹ̀ fẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dé lé owó náà, kí ẹ mì ín dáadáa, kí ẹ má lè mọ ojú tó kọ sókè. Ìdí wà fún un. Ní ọdún 2007, Persi Diaconis àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìṣirò fi hàn pé owó tí èèyàn bá fi àtàǹpàkò ta sókè máa ń fẹ́ padà wá sórí ojú tó kọ sókè nígbà tó ń lọ, ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mọ́kànléláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2023, František Bartoš àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé èsì jíjù 350,757 jáde. Ohun tí wọ́n rí ni 50.8 nínú 100. Ìyàtọ̀ náà kéré débi pé kò ní da ọjọ́ yín rú, àmọ́ mímì owó nínú ọwọ́ máa ń pa á rẹ́ láìná yín ní nǹkan kan, kò sì ní sí àyè fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé ẹ ti mọ ohun tí ẹ ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ẹ ta á sókè pẹ̀lú àtàǹpàkò kó kọjá orí yín, kó yí dáadáa lójú òfuurufú, kí ẹ sì gbà á sí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ má ṣe gbé e dúró lórí tábìlì kí ẹ wá máa yí i bí òkòtó. Owó tí ń yí lórí tábìlì máa ń dúró lórí etí rẹ̀ títí á fi ṣubú, bí etí náà kò bá sì rí bákan náà níbi gbogbo, tàbí tí ìhà kan bá wúwo ju èkejì lọ, ó lè máa ṣubú síhà kan ṣáá.

Gbàrà tí ó bá ti bà sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi ọwọ́ kejì bò ó. Ẹ má tíì wò ó. Ibí yìí gan-an ni mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má kánjú, nítorí inú ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan yìí ni gbogbo èrè owó jíjù wà. Ẹ kà láti oókan dé àrún, kí ẹ sì sọ ọ́ síta, kí etí yín gbọ́ ọ: "Èyí tí mò ń retí láti rí ni…" Bí orúkọ kan bá bọ́ sí yín lẹ́nu láìrò ó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá sí èyí tó bọ́ sí yín lẹ́nu, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Nísinsìnyí ẹ ṣí ọwọ́. Ẹ má ṣe rò ó, ẹ kàn wo ohun tí ara yín ṣe. Ṣé ara tù yín? Ṣé ọkàn yín rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀? Ṣé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ rárá? Àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Basel, ní Switzerland, tẹ èsì iṣẹ́ wọn jáde ní 2019 lórí ọ̀ràn yìí. Ohun tí wọ́n rí ni pé jíjù owó máa ń mú kí bí ohun náà ṣe rí lára èèyàn túbọ̀ hàn kedere. Owó kò mọ nǹkan kan nípa yín. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ti sọ pé "fíìmù ni," etí odò ti bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ìgbà yẹn lẹ ó mọ bó ṣe dùn yín tó.

Bí ara yín kò bá sọ ohunkóhun, kí ẹ tó ṣí ọwọ́ àti lẹ́yìn tí ẹ ṣí i, a jẹ́ pé ohun méjèèjì dọ́gba lójú yín nítòótọ́. Ẹ ṣe ohun tí owó sọ, kó parí síbẹ̀. Bí ara bá tù yín, ẹ ṣe é. Bí ọkàn yín bá rẹ̀wẹ̀sì, ẹ má ṣe é. Ẹ kọ gbólóhùn kan péré tó sọ ìdí, kí ẹ sì mú èkejì.

Ẹ má tún un jù. Ẹni tó bá sọ pé "ẹ jẹ́ ká jù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ká wo èyí tó pọ̀ jù" ti gba ìdáhùn rẹ̀. Ìdí tó fi ń wá ìjù kejì ni pé èyí tó jáde kì í ṣe èyí tó fẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó tiwa

Àbúrò mi ta owó, ó bò ó, ó kà dé àrún. Nígbà tí mo ní kó sọ èyí tó ń retí, ó ní òun kò mọ̀. Ó ṣí ọwọ́: orí ni. Fíìmù.

"Ó dáa náà," ó ní, àmọ́ ó ti gbé owó náà lé tábìlì, ó sì ti tì í síwájú bí ẹni pé kò fẹ́ rí i mọ́.

Mo bi í pé kí ló dé. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Nínú òkùnkùn yẹn, a ò ní lè bára wa sọ̀rọ̀. Lẹ́ẹ̀mejì tí a ti pàdé, ariwo pọ̀ níbẹ̀. Mi ò tíì mọ irú ẹni tó jẹ́."

Mo ní kó kọ ìyẹn sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí lórí ìwé rẹ̀ rárá kí owó tó bọ́.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìnà. Àyà tó já kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ọkàn tó rẹ̀wẹ̀sì. Bí ìbéèrè yín bá jẹ́ "kí n pè é tàbí kí n má pè é," tí owó sì ní kí ẹ pè é, àyà yín lè já. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ẹ kò fẹ́ pè é. Ọ̀nà tí mo fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé mo máa ń yí owó náà padà sójú kejì pẹ̀lú ọwọ́ mi, kí n sì ṣe bí ẹni pé èyí ló jáde. Bó bá jẹ́ ẹ̀rù lásán ni, ara á tù yín fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í kábàámọ̀ pé ẹ kò ní gbọ́ ohùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ kò fẹ́ ẹ ni, ìtura náà á dúró, kò ní sí àbámọ̀ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Àbúrò mi yí tirẹ̀ padà sí ẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín, àyà rẹ̀ sì já pẹ̀lú. Ó fẹ́ lọ sí etí odò, ẹ̀rù ìsọ̀rọ̀ sì ń bà á. Méjèèjì jẹ́ òtítọ́.

Òrùka orí òwú

A wá padà sórí òrùka. Bí ẹ bá fẹ́ lo pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù, ẹ so òrùka tàbí bọ́tìnnì tó wúwo díẹ̀ mọ́ òwú tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka kan mú òwú náà lókè, kí ìgúnpá yín wà lórí tábìlì, kí ohun tó wà nísàlẹ̀ máa rọ̀ dirodiro lókè ìwé. Ẹ fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn sórí ìwé náà: èyí tó lọ síwá sẹ́yìn jẹ́ fíìmù, èyí tó lọ sọ́tùn-ún sósì jẹ́ etí odò. Ẹ dúró jẹ́ẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fì.

Ọwọ́ yín ló ń fì í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n lára. Òwú sẹ̀ǹtímítà 25 máa ń lọ, á sì bọ̀, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìka bá mì ní ìwọ̀n tí ojú kò lè rí, tó sì ń mì déédéé bí òwú ṣe ń fì, ìmì kéékèèké yẹn á máa kóra jọ, bí ẹni tó ń fi ìka kan ti ọmọ lórí jáńgílófà títí ọmọ á fi máa lọ sókè.

Ẹni tó tú àṣírí yìí ni Michel Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́míkà ará Faransé. Ó kọ ìwádìí rẹ̀ sínú lẹ́tà sí Ampère, onímọ̀ físíìsì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1833. Ó rí i pé bí òun bá gbé ohun kan sábẹ́ apá láti fi tì í, bí ohun náà ṣe ń sún mọ́ ìka ni fífì náà ń dín kù, títí tó fi dúró nígbà tí ìka gan-an gbára lé e. Ó tún ní kí wọ́n fi aṣọ di òun lójú. Òrùka náà kò tún dá a lóhùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ lè dán méjèèjì wò nílé yín: ẹ gbé ìka yín lé etí ìdérí páálí kan, tàbí kí ẹ di ojú. Bí òrùka bá ní ìmọ̀ tirẹ̀, kò yẹ kí ojú yín ṣe pàtàkì fún un.

Àbúrò mi kò gbà. Nítorí náà mo mú ife méjì, mo lọ sí yàrá kejì, mo ju owó láti mọ ife tí màá fi bọ́tìnnì sábẹ́ rẹ̀, mo gbé wọn wá, mo sì kúrò níbẹ̀ kí ojú mi má bàa sọ nǹkan kan fún un. Ó bi òrùka. A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní ìlọ́po méjì, ìyẹn ìgbà 20. Ó gba 11. Ẹni tó bá ń fọwọ́ méfò náà á gba nǹkan bí 10. Ká ní ó gba 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, màá ti sọ pé ká tún un ṣe, nítorí ìyẹn kì í sábà ṣẹlẹ̀ fún ẹni tó ń méfò: nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì péré nínú ọgọ́rùn-ún ni. Lẹ́yìn náà mo jẹ́ kó rí ibi tí mo ń fi bọ́tìnnì sí. Ó gba 20 nínú 20.

Èyí ló yí i lọ́kàn padà. Ohun tó bá mọ̀ ni òrùka mọ̀. Ohun tí kò mọ̀, òrùka kò mọ̀ ọ́n.

Ohun tó wá burú jù nínú pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù, tí mo sì fi fẹ́ owó jù ú lọ, ni pé ọwọ́ máa ń tẹ̀ lé ohun tí èèyàn ń rò, yálà ó wù ú tàbí ó ń bà á lẹ́rù. Ẹni tó jókòó tó ń bẹ̀rù pé "kò fẹ́ràn mi" á ti máa fojú inú wo ìlà "rárá" kó tó di pé òrùka mì. Á wá fì síbẹ̀, ẹ̀rù á sì pọ̀ sí i, èyí á mú kó tún fì dáadáa lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta nìyẹn. Ẹ̀rù tirẹ̀ ló ń kà padà sí i létí, ó sì pè é ní ìdáhùn ọkùnrin náà.

Nítorí náà, bí ẹ bá máa lò ó, ẹ lò ó fún ohun méjì tó dùn yín bákan náà, ohun méjì tí kò sí ẹ̀rù nínú èyíkéyìí. Ẹ ka fífì rẹ̀ sí "èyí ni mo ń rò lọ́wọ́," kí ẹ sì bi ara yín bóyá ìfẹ́ ni àbí ẹ̀rù. Bí ẹ kò bá lè dá ìyẹn lóhùn, ẹ fi òrùka sílẹ̀, kí ẹ mú owó.

Ibi tí kò yẹ kí a gbé e dé

Inú ẹlòmíràn ni àkọ́kọ́. Bóyá ó fẹ́ràn yín, bóyá ó ní ẹlòmíràn, bóyá yóò padà wá: kò sí èyí tí owó tàbí òrùka lè gbọ́. Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀n-ún. Tí òrùka bá ní "rárá," ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í hùwà sí ẹni náà bí ẹni tó ti kọ̀ yín, ẹ ó fà sẹ́yìn, òun náà á rí i, á sì fà sẹ́yìn. Mo ti rí i tí irú èyí ba ìfẹ́ tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan jẹ́.

Bákan náà ni ohun tó bá kan ara àti ìfẹ́-inú ẹnì kejì. Bí ẹnì kan kò bá tíì gbà kí a fi ẹnu ko òun lẹ́nu, tàbí kí a jọ sùn, a kì í ju owó lórí rẹ̀, a kì í sì í sọ fún un pé "owó ti sọ ọ́." Bí ó bá ti gbà láti ju owó pàápàá, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé òun ò ṣe mọ́ nígbà tí owó bá bọ́. Nínú ohun kékeré tó kan ẹni méjì, bí ibi tí ẹ ó ti pàdé, ó tó kí ẹ jọ kọ ìlà méjèèjì, kí ẹ jọ gbà pé ẹ ó ju owó, kí ẹnì kan jù ú, kí ẹnì kejì sì dárúkọ ojú tirẹ̀ nígbà tí owó ṣì wà lókè.

Ọ̀rọ̀ dídúró tàbí fífi ẹni sílẹ̀ ńkọ́? Àwọn kan á tọ́ka sí iṣẹ́ Steven Levitt ti Yunifásítì Chicago, tó jẹ́ kí àwọn èèyàn ju owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì ju ìgbà 20,000 lọ lórí ìpinnu ìgbésí ayé wọn, tó fi mọ́ kíkọ olólùfẹ́ sílẹ̀. Èsì náà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2021, fi hàn pé nínú ìpinnu ńlá, àwọn tí owó ní kí wọ́n yí ìgbé ayé wọn padà láyọ̀ díẹ̀ sí i lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, tí a bá pín in dọ́gba láàárín gbogbo wọn. Òótọ́ ni. Àmọ́ àwọn tí ọkàn wọn ti pín sí méjì gedegbe ló lọ síbẹ̀, àwọn tó sì padà wá dáhùn ìbéèrè ni wọ́n rí kà. Iye tó jẹ́ ti gbogbo wọn kò lè sọ bí ọ̀ràn ẹnì kan ṣoṣo ṣe máa rí. Fún mi, ẹ lè fi owó gbọ́ ohun tí ọkàn yín ń sọ nípa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ kọ gbólóhùn ìdí yẹn sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe ohun tí owó sọ nítorí pé owó ló sọ ọ́.

Bí ẹni náà bá ń lù yín tàbí tó ń dẹ́rù bà yín, ẹ má ju nǹkan kan. Kò sí ohun méjì tó dọ́gba níbẹ̀ tí owó fẹ́ yàn nínú wọn. Ẹ wá ẹni tó lè dáàbò bò yín, kí ẹ sì sọ fún un lónìí.

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ náà, àbúrò mi tú òrùka kúrò lára òwú, ó fi í sí ọwọ́. Ó kọ̀wé sí ọkùnrin náà pé: "Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tẹ́ mi lọ́rùn. Mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ dáadáa, ibi tí ariwo kò sí." Lẹ́yìn tó ti fi í ránṣẹ́, ó bi mí bóyá mo rò pé yóò dáhùn. Mo ní n kò mọ̀, kó gbé fóònù sílẹ̀, kó lọ sùn.